Òpó Ìbejì Kì í Gbé Ẹrù Dọ́gba

Nígbà tí onílé bá fẹ́ kí iwájú ilé òun di ṣọ́ọ̀bù, ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọ fún bíríkìlà ni pé òun kò fẹ́ òpó kankan láàárín. Oníbàárà gbọ́dọ̀ lè rí ọjà láti títì, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ lè fẹ̀yìn wọlé wá já ẹrù. Bíìmù kọnkéré kan ṣoṣo ni wọ́n á fi da àlàfo náà kọjá, wọ́n á gbé e lé òpó méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Òpó méjèèjì ga bákan náà, wọ́n nípọn bákan náà, irin inú wọn kò sì yàtọ̀. Ojú ìbejì ni gbogbo ènìyàn fi ń wò wọ́n.

A lè kúkú sọ wọ́n lórúkọ ìbejì: Táyé lápá òsì, Kẹ́yìndé lápá ọ̀tún. Ta ló ń gbé ẹrù jù nínú wọn, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó? Ẹni tí kò bá ṣírò yóò ní ìdajì-ìdajì ni. Bí ẹrù orí bíìmù bá tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ilé táwọn ènìyàn ń gbé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Láti àárín Táyé dé àárín Kẹ́yìndé jẹ́ mítà 6, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20. Lókè, ògiri yàrá kan jókòó lórí bíìmù náà, àmọ́ kò gba orí rẹ̀ tán. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó fi mítà 1 jìn sí Táyé, ó sì parí níbi tó fi mítà 4 jìn sí i, torí pé ẹnu ọ̀nà wà ní ìhín àti ní ọ̀hún. Lẹ́yìn náà, ní mítà 5 sí Táyé, bíìmù kékeré kan ti ẹ̀yìn ilé wá, ó fi orí lé bíìmù ńlá yìí, ó sì gbé ìpín tirẹ̀ nínú ẹrù dẹ́kì kà á lórí.

Ẹrù méjèèjì yìí kì í ṣe irú kan náà. Ògiri jẹ́ ẹrù títẹ́: kò sí ojú kan pàtó tó ti ń tẹ bíìmù, gbogbo ibi tó jókòó lé ló ń tẹ̀, bákan náà ló sì ń tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Bíìmù kékeré ní tirẹ̀ jẹ́ ẹrù olójú-kan. Ibi tó dúró sí náà ló ń tẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi gìgísẹ̀ kan dúró lórí pákó.

Àwọn ẹnjiníà kì í fi kílò ka ẹrù ilé. Kílónútìnì ni wọ́n ń lò, kN ni wọ́n sì ń kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí 1 kN ṣe wúwo tó, kó fojú inú wo àpò sìmẹ́ńtì méjì, oníkílò 50 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo àpò méjèèjì kù díẹ̀ kó pé 1 kN. Ògiri búlọ́ọ̀kù oníínṣì 9 tí wọ́n ti rẹ́ lójú méjèèjì, tó sì ga tó nǹkan bí mítà 3, máa ń wúwo tó nǹkan bí 10 kN lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Mítà 3 ni ògiri tiwa gùn, nítorí náà ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 30 kN. Kí a sọ pé bíìmù kékeré gbé 27 kN wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 57 kN, bí àpò sìmẹ́ńtì 114, tí Táyé àti Kẹ́yìndé gbọ́dọ̀ pín gbé láàárín ara wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe máa pín in? Ọmọọṣẹ́ méjì tó ti fi ọ̀pá gbé garawa kọnkéré rí mọ ìdáhùn náà lára. Bí garawa bá wà láàárín ọ̀pá, ẹnikẹ́ni kì í ráhùn. Bó bá yọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan, onítọ̀hún á pariwo, èkejì á sì máa rẹ́rìn-ín. Garawa kò wúwo sí i, àyè tó wà lórí ọ̀pá ló yí padà. Ákímídíìsì ará Sirakúsì, tó kú lọ́dún 212 ṣáájú ìbí Kristi, ti kọ òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: ipá tí ẹrù ń sà láti yí ọ̀pá kò dá lórí ìwúwo rẹ̀ nìkan, ó tún dá lórí bó ṣe jìnnà tó sí ibi tí ọ̀pá ti ń yí. Wọ́n á sọ ìwúwo di púpọ̀ ní iye mítà tó fi jìnnà. Ẹ jẹ́ ká pe èsì rẹ̀ ní agbára ìyí.

Ọgbọ́n tó kàn ni pé kí oníṣirò yan òpó kan, kó sì ṣe bí ẹni pé orí rẹ̀ ni gbogbo bíìmù ti ń yí. Ó lè yan èyí tó wù ú. Bó bá yan Táyé, agbára tí Táyé fi ń ti bíìmù sókè kò lè yí i rárá, torí ó wà lójú ibi ìyípo gan-an, jíjìnnà rẹ̀ jẹ́ òdo. Bí Táyé ṣe yọ kúrò nínú ìṣirò fún ìgbà díẹ̀ nìyẹn, tó wá ku ohun kan ṣoṣo tí a kò mọ̀, ìyẹn agbára Kẹ́yìndé.

Kí ni ògiri ń ṣe? Ẹrù títẹ́ kò ní ojú kan tí a lè fi tépù wọ̀n, nítorí náà wọ́n máa ń kó gbogbo ìwúwo rẹ̀ jọ sí àárín ògiri fúnra rẹ̀. Àárín ògiri o, kì í ṣe àárín bíìmù. Ògiri yìí bẹ̀rẹ̀ ní mítà 1, ìdajì gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.5, nítorí náà àárín rẹ̀ fi mítà 2.5 jìn sí Táyé. Agbára ìyí rẹ̀ jẹ́ 30 × 2.5, tó jẹ́ 75. Ti bíìmù kékeré jẹ́ 27 × 5, ìyẹn 135. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 210, ìsàlẹ̀ sì ni méjèèjì ń fẹ́ yí bíìmù sí. Kẹ́yìndé nìkan ló ń yí i padà sókè, láti mítà 6. Bíìmù kò sì gbọ́dọ̀ yí síbì kankan, àbí ilé á wó. Nítorí náà:

Kẹ́yìndé × 6 = 210
Kẹ́yìndé = 35 kN

Ìyókù nínú 57 ni ti Táyé: 57 − 35 = 22 kN. Bí àpò 70 ló wà lọ́rùn Kẹ́yìndé, bí 44 lọ́rùn Táyé. Ìbejì ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ẹrù ọ̀kan ju ti èkejì lọ ní ohun tó lé ní ìdajì.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń dúró síbí, wọ́n á ro 35 pọ̀ mọ́ 22, wọ́n á rí 57, wọ́n á sì fi bírò fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò yẹ̀ ohunkóhun wò. Inú 57 ni wọ́n ti yọ 22 jáde, báwo ni àpapọ̀ ṣe máa wá di nǹkan míì? Ká ní ẹnì kan gbàgbé mítà 1 tó ṣáájú ògiri, tó fi 1.5 ṣírò dípò 2.5. Ìyí ògiri á di 45, àpapọ̀ ìyí á di 180, Kẹ́yìndé á di 30, Táyé á sì di 27. Ẹ ro 30 pọ̀ mọ́ 27: 57 náà ni!

Àyẹ̀wò tó lójú ni kí ènìyàn lọ dúró lórí òpó kejì, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe ìṣirò kankan rí. Láti ọ̀dọ̀ Kẹ́yìndé, àárín ògiri jẹ́ mítà 3.5, bíìmù kékeré sì jẹ́ mítà 1. Ìyí méjèèjì jẹ́ 105 àti 27, àpapọ̀ 132. Bí a bá pín in sí 6, Táyé jẹ́ 22. Ó bá ti àkọ́kọ́ mu láìjẹ́ pé a yọ ọ́ nínú ohunkóhun. Ẹni tó gba 27 lẹ́ẹ̀kan á rí 22 báyìí, á sì mọ̀ pé òun ti ṣìnà.

Àṣìṣe kan wà tó ń bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò yìí pẹ̀lú. Ìyẹn ni ti ẹni tó gbé ìwúwo ògiri sí àárín bíìmù, ní mítà 3. Mítà 3 ni láti apá òsì, mítà 3 náà ni láti apá ọ̀tún, nítorí náà irọ́ kan náà ló máa pa lẹ́ẹ̀mejèèjì: Táyé 19.5, Kẹ́yìndé 37.5, ohun gbogbo á sì bára mu rẹ́gí. Àwòrán nìkan ló lè tú u láṣírí. Kí ènìyàn ya bíìmù, kó fi àmì sí ibi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí, kó sì wá àárín àmì méjèèjì kó tó gbé ìwúwo lé ibikíbi.

Ẹnjiníà á tún béèrè ìwúwo bíìmù fúnra rẹ̀, tí a kò tíì kà. Bó bá fẹ̀ ní ínṣì 9, tó sì ga ní ínṣì 18, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2.4 kN lórí mítà kan, tàbí 14.6 kN látòkè délẹ̀. Ẹrù yìí kárí bíìmù, nítorí náà ìdajì-ìdajì ni ìbejì máa gbà á: 7.3 fún Táyé, 7.3 fún Kẹ́yìndé. Iye wọn á wá di nǹkan bí 29 àti 42.

Ìyàtọ̀ yìí lè hàn lára ilé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, tí ìpìlẹ̀ òpó méjèèjì sì tóbi bákan náà, ti Kẹ́yìndé ló ṣeé ṣe kó rì jù, ògiri òkè á sì là ní ìdábùú bí àtẹ̀gùn, láti orí búlọ́ọ̀kù kan sí èkejì. Bó bá jẹ́ bíìmù fúnra rẹ̀ ni ẹrù pọ̀ jù fún, ẹ wo ibi tó ti pàdé òpó. Sísán tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ń sọ pé agbára tó ń bọ̀ láti òpó fẹ́ já bíìmù. Sísán tó dúró ṣánṣán nísàlẹ̀, nítòsí àárín, ọ̀rọ̀ títẹ̀ nìyẹn ní tirẹ̀.

Ibi tí ìṣirò yìí mọ ni òpó méjì, pẹ̀lú bíìmù tó kàn jókòó lé wọn lórí, tí nǹkan kan kò dè é kó má yí díẹ̀. Bíìmù afárá tí wọ́n dà sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lé rọ́bà lórí òpó sún mọ́ àpèjúwe yẹn gan-an. Bíìmù ilé tí wọ́n da kọnkéré rẹ̀ pọ̀ mọ́ òpó kò sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Òpó kẹta ló tiẹ̀ ń ba ìṣirò náà jẹ́ pátápátá. Ká ní onílé yí ọkàn padà, tó ní kí wọ́n ri òpó kan sí àárín gbùngbùn. Ohun tí a kò mọ̀ á di mẹ́ta, ìlà ìṣirò tí a ní kò sì ju méjì lọ. Ìgbà náà ni bí bíìmù ṣe ń tẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò. Lórí bíìmù tí ẹrù rẹ̀ tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí òpó kẹta pín sí méjì dọ́gba, ènìyàn lè rò pé ìdajì ni ti òpó àárín. Ìdá 5 nínú 8 ló máa gbé, kí àwọn ìbejì tó wá pín 3 yòókù.