Ìgbàbẹ́ẹ̀ tí a kéde àti ìbéèrè ìlàdìí: Ìgbà tí ó yẹ kí a dáhùn àti ìgbà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè

1. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Òwe Yorùbá méjì ni ó dà bí ẹni pé wọ́n ń ta ko ara wọn lórí ọ̀ràn ẹni tí a bi ní ìbéèrè. Èkíní ni pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ti àkọ́kọ́ ní kí olùdáhùn fi òye dí ohun tí olùbéèrè kò sọ. Ti èkejì ní kí ó bèèrè kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀.

Ohun tí olùdáhùn bá gbà pé olùbéèrè ní lọ́kàn, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́, ni a ó pè ní ìgbàbẹ́ẹ̀. Bí olùdáhùn bá sọ ọ́ jáde nínú ìdáhùn rẹ̀, ó di ìgbàbẹ́ẹ̀ tí a kéde. Ìbéèrè tí ó bá bi padà kí ó tó dáhùn ni ìbéèrè ìlàdìí. A kò lo "àbá" fún ti àkọ́kọ́, nítorí pé àbá a máa dúró de ìfọwọ́sí tàbí ìdánwò, ṣùgbọ́n ìdáhùn ti dúró lé ìgbàbẹ́ẹ̀ ná.

2. Ìbéèrè kan láti Mafoluku

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Kí a sọ pé ìyá ọmọ kan ní Mafoluku, nítòsí Òṣòdì, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù sí nọ́ọ̀sì kan tí ó mọ̀: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ọmọ mi ń ṣu gbuuru láti òwúrọ̀. Ṣíbí iyọ̀ àti ti ṣúgà mélòó ni kí n fi sínú omi?"

Ohun tí ó ń bèèrè hàn gbangba: omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a fi ń dá omi ara padà. Ohun mẹ́ta ni kò sọ: bí ṣíbí náà ti tóbi tó, iye omi tí ó fẹ́ lò, àti ọjọ́ orí ọmọ náà. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni ṣíbí ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ nínú lítà omi 1, bí ṣíbí náà bá jẹ́ ti tíì tí ó ń gba mílílítà 5. Ṣíbí tí a fi ń jẹun lè gba nǹkan bíi mílílítà 15. Bí ìyá náà bá lo èyí, iyọ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 3 yóò di 9, ṣúgà náà yóò sì di ìlọ́po mẹ́ta. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọdé tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ, ṣúgà àpọ̀jù sì ń fa omi wá sínú ìfun, tí ìgbẹ́ náà yóò fi pọ̀ sí i.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, kò yẹ kí nọ́ọ̀sì náà dá ìdáhùn dúró. Ìdí mẹ́ta ni ó gbè é. Èkíní, ṣíbí tíì ni ìtumọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ìmọ̀ràn irú èyí. Èkejì, ṣíbí àti omi wà lọ́wọ́ ìyá náà, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ lè fi ìgbàbẹ́ẹ̀ náà wé ohun tí ó ń rí, kí ó sì tún un ṣe kí ó tó po ohunkóhun. Ẹ̀kẹta, omi ń jáde lára ọmọ náà ní gbogbo àkókò tí ìbéèrè ìlàdìí bá fi ń lọ tí ó sì ń bọ̀.

Ìdáhùn tí ó dára lè lọ báyìí: "Ṣíbí kékeré tí a fi ń ro tíì ni mo ń sọ o, kì í ṣe ti oúnjẹ. Ẹ lo omi inú ọ̀rá méjì tí a kọ sẹ́ńtílítà 50 sí lára. Ìyẹn ni lítà 1. Ẹ fi ṣíbí ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ sí i, kí ṣíbí má ga ju etí lọ. Ẹ tọ́ ọ wò. Bí ó bá níyọ̀ ju omi ojú lọ, ẹ dà á nù. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 2, ẹ fún un ní mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, 100 sí 200. Bí kò bá lè mu, tí ó ń tòògbé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí."

Ẹ kíyè sí i pé ìgbàbẹ́ẹ̀ ni ó ṣíwájú, kì í ṣe pé a fi há ìdí ọ̀rọ̀, níbi tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kò ní kà dé. Ohun tí ojú ń rí ni a sì fi sọ ọ́: "tí a fi ń ro tíì" yé ìyá náà ju "mílílítà 5" lọ. Ìtọ́wò jẹ́ àmì tí yóò tú àṣìṣe fó bí ìgbàbẹ́ẹ̀ náà kò bá bá a mu. Ní ti ọjọ́ orí, nọ́ọ̀sì náà kò gba ohunkóhun bẹ́ẹ̀ rárá; nítorí pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà, tí ìdáhùn sì kúrú, ó dáhùn méjèèjì.

3. Ibi tí ìgbàbẹ́ẹ̀ kò ti tọ́

Bí ìyá kan náà bá bèèrè pé, "Omi mélòó ni kí n fi po pákẹ́ẹ̀tì oògùn náà?", ọ̀rọ̀ yí padà. Pákẹ́ẹ̀tì oògùn yìí tí a ń fi lítà 1 pò wà, tí mílílítà 500 wà, tí mílílítà 200 náà sì wà. Nọ́ọ̀sì kò ní ìdí láti yan ọ̀kan nínú wọn. Bí ó bá gba ti 200 bẹ́ẹ̀, tí ó sì jẹ́ ti lítà 1 ni ó wà lọ́wọ́ ìyá náà, omi náà yóò le ní ìlọ́po márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè ìlàdìí kan ṣoṣo yóò parí ọ̀ràn náà: "Omi mélòó ni wọ́n kọ sí ara pákẹ́ẹ̀tì náà?" Níhìn-ín, bíbéèrè ni ó yá jù.

Ìyàtọ̀ ìbéèrè méjèèjì kò sí nínú bí ewu ti pọ̀ tó, nítorí pé ọmọ kan náà ni. Ó wà nínú pé ti àkọ́kọ́ ní ìtumọ̀ kan tí ó borí àwọn yòókù, tí ìyá náà sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ kí ó tó ṣe é. Ti èkejì kò ní irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀.

4. Ní ti àwọn atúmọ̀ èdè

Atúmọ̀ èdè ń pàdé ọ̀ràn yìí lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ ìyá ẹni tí ó jẹ́ ọkùnrin kì í sọ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò. Nínú ìtàn fún ọmọ ilé ìwé, atúmọ̀ èdè lè yan "ẹ̀gbọ́n" bí ìṣe inú ìtàn náà bá fi àgbà hàn, kí ó sì kọ ọ́ sí etí ìwé fún olóòtú pé bẹ́ẹ̀ ni òun gbà á. Olóòtú yóò rí i kí ìwé tó jáde. Nínú ìwé ìpíngún, tí kò sí ohun tí ó fi ọ̀kan hàn, tí ẹni tí ó bá kà á yóò sì pín ilẹ̀ lé e lórí, kí ó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé iṣẹ́ náà wá. Bí kò bá rí ẹni bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó kọ "ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin", kí ó sì fi àyè náà sílẹ̀ bí ó ti bá a.