Ohun Tó Ń Fa Họ́ọ̀bù Ya Lórí Ṣáfùtì

Họ́ọ̀bù gíà tó bá fọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣáfùtì kì í sábà fọ́ kiri bó ṣe wù ú. Inú ihò ni ojú fífọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní igun tí wọ́n gbẹ́ fún kíì. Á gba gígùn ihò lọ tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn, á sì máa jẹ irin lọ títí yóò fi yọ síta. Àwọn tó bá rí i á ní irin náà ni kò dára. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú fífọ́ náà gbà ti sọ irú ipá tó ṣe é, ipá ọ̀hún sì ṣeé ṣírò kí ẹnikẹ́ni tó gbé họ́ọ̀bù sábẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣáfùtì irin kan tí kò ní ihò nínú, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ milimítà 50.05. Ihò họ́ọ̀bù tó máa gbà á jẹ́ milimítà 50 géérégé, ìbú ìta họ́ọ̀bù náà sì jẹ́ 100. Ṣáfùtì fi milimítà 0.05 tóbi ju ihò lọ. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀ bá ti fi tipátipá kì í wọlé, 0.05 yẹn gbọ́dọ̀ wá ibì kan gbà. Ṣáfùtì á sún kì díẹ̀, ihò á là díẹ̀, títí àwọn méjèèjì yóò fi bára dọ́gba. Nínú àpẹẹrẹ tiwa yìí, ihò ló là jù, ó fi nǹkan bíi 0.037 gbòòrò sí i, nígbà tí ṣáfùtì fi 0.013 péré sún kì.

Ẹni tó bá ti ki òrùka tó há bọ ìka rí ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ìka ń jẹ ìtẹ̀, òrùka ń jẹ ìfàya. Ìtẹ̀ tó wà láàárín ojú ṣáfùtì àti ojú ihò ló ń jẹ́ kí gíà dúró láìyọ̀. Ìfàya tó ń lọ yíká ara họ́ọ̀bù, tí a ó máa pè ní ìfàyíká, ni owó tí a san fún ìdúró yẹn. Òun náà ló ń la họ́ọ̀bù ní gígùn, nítorí ohun tí a bá fà yíká, ní ìbú ìfà náà ni yóò ti ya.

Gabriel Lamé, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé tó gbé ayé láti 1795 sí 1870, ló fi ọ̀nà lélẹ̀ tí a fi ń ṣírò ìtẹ̀ àti ìfàya nínú ohun roboto tí ara rẹ̀ nípọn. Bí ṣáfùtì àti họ́ọ̀bù bá jẹ́ irin kan náà, tí ṣáfùtì kò sì ní ihò, ìṣirò náà kúrú:

```
p = (E / 2) × (δ / d) × (1 − d²/D²)
σ = p × (D² + d²) / (D² − d²)
```

`p` ni ìtẹ̀, `σ` ni ìfàyíká nínú ihò, `d` ni ìbú ihò, `D` ni ìbú ìta họ́ọ̀bù, `δ` sì ni ohun tí ṣáfùtì fi tóbi ju ihò lọ. `E` ni bí irin ṣe le sí títẹ̀ àti fífà. Nǹkan bíi mẹgapásíkà 200,000 ni ti irin tí a mọ̀. Mẹgapásíkà kan jẹ́ niútìn kan lórí milimítà kan níbùú lóròó.

Fi iye tiwa sí i, ìtẹ̀ á jẹ́ mẹgapásíkà 75. Bíi kílò méje ààbọ̀ ló jókòó lórí gbogbo milimítà níbùú lóròó yẹn. Ìfàyíká nínú ihò jẹ́ 125. Ó máa ń dín kù bí a bá ṣe ń lọ síta, tó fi jẹ́ pé 50 péré ló kù ní ara ìta.

Wàyí o, ká ní ẹnì kan fẹ́ kí gíà fúyẹ́, ó fá ìta họ́ọ̀bù títí ìbú rẹ̀ fi ku 65, kò sì fọwọ́ kan ihò. Ìtẹ̀ á já sí nǹkan bíi 41, ṣùgbọ́n ìfàyíká inú ihò á gòkè dé 159. Ara ìta, tí 50 wà tẹ́lẹ̀, á di 118. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ níbí, torí ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Họ́ọ̀bù tín-ínrín kò di ṣáfùtì mú tó èyí tó nípọn, síbẹ̀ òun ni ìyà pọ̀ lára rẹ̀ jù. Bí ojú fífọ́ bá sì bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí irin tí ara rẹ̀ balẹ̀ níta tó lè dá a dúró.

Ẹni tó rí i pé gíà ń yọ̀ á wá ní kí wọ́n jẹ́ kí ṣáfùtì tóbi sí i. Ká ní ó fi sí 0.08 lórí họ́ọ̀bù wa àkọ́kọ́. Lórí ìwé, ìtẹ̀ á di 120, ìfàyíká á di 200. Nínú ihò, irin kan náà ló ń jẹ ìtẹ̀ láti inú tó sì ń jẹ ìfà yíká, nítorí náà àpapọ̀ wọn la fi ń wò ó bóyá á gbà á: 320. Irin lásán máa ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní nǹkan bíi 250. Inú ihò á là láìní padà sípò mọ́, ìtẹ̀ kò sì ní tó 120 tí a ṣírò. Họ́ọ̀bù kán-ánsì, ìyẹn irin dídà, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í là, fífọ́ ló ń fọ́, igun kíì tó mú ṣàṣà sì lè sọ ìfàyíká di ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ní ibi iṣẹ́ pé ìtẹ̀ náà pé? Gééjì ẹ̀rọ ìtẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bí họ́ọ̀bù wa bá gùn ní milimítà 60, tí a sì ka ìfarakínra irin sí irin sí 0.12, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ ló yẹ kí ó kì í dé òpin. Ipá yẹn máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Bó bá wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀nù mẹ́ta, ihò ti tóbi jù tàbí ojú irin rí gbákugbàku tí ṣóńṣó rẹ̀ sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá fò sókè lójijì, ó ṣeé ṣe kó wọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń họ irin. Ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin mọ́ ọ̀pá rẹ̀, wọ́n máa ń ya ìgòkè ipá náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀.

Àwọn mìíràn máa ń fi iná gbóná họ́ọ̀bù kó lè là kó sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀nà tó dára ni, kì í họ ojú irin. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá tutù tán, ìtẹ̀ àti ìfàyíká kan náà ló ń padà wá. Iná kò dín nǹkan kan kù nínú ohun tí họ́ọ̀bù yóò rù.

Ohun kan wà tí ìṣirò Lamé kò rí. Ó gbà pé ìtẹ̀ dọ́gba láti òpin kan họ́ọ̀bù dé èkejì. Lóòótọ́, ìtẹ̀ máa ń ga ní etí méjèèjì, níbi tí ṣáfùtì tí a kò tẹ̀ ti pàdé èyí tí a tẹ̀. Bí ṣáfùtì bá ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún lẹ́nu iṣẹ́, irin á máa fi díẹ̀díẹ̀ ha ara wọn níbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pupa bí ìpẹtà á sì máa yọ létí họ́ọ̀bù. Ẹni tó bá rí lẹ́búlẹ́bú yẹn kó má kàn nù ún kúrò, torí ibẹ̀ ni ṣáfùtì ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Nítorí náà, bí gíà bá ń yọ̀ lórí ṣáfùtì, ẹ má ṣe kọ́kọ́ sọ pé kí tọ́nà fi kún ṣáfùtì. Ẹ fi maikiromítà wọn ṣáfùtì, kí ẹ wọn ihò, kí ẹ sì wọn ìbú ìta họ́ọ̀bù. Bí ìta bá ti tín-ínrín jù, họ́ọ̀bù mìíràn tó nípọn ni kí ẹ wá.