Erékùṣù Ooru ní Ìlú Minna: Ohun Tó Ń Fa Ooru Òru àti Bí A Ṣe Lè Dín In Kù

Ìfáàrà

Ní oṣù Ẹrẹ́nà àti oṣù Igbe, ọ̀pọ̀ ará Minna ni kì í rí oorun sùn nínú yàrá. Ẹni tó ń gbé ní Kpakungu tàbí Tudun Wada lè máa làágùn ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí ara ti tu àwọn tó wà ní abúlé tó yí ìlú ká. Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń pè ní erékùṣù ooru: bí omi ṣe yí erékùṣù ká, bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ tó tutù ṣe yí ìlú tó gbóná ká. Òru ni ìyàtọ̀ náà sì máa ń hàn jù. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, Lúùkù Háwọ́ọ̀dù wọn ooru inú Lọ́ńdọ̀nù àti ti ìgbèríko rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó sì rí nìyẹn. Ewu ibẹ̀ ni pé òru ni ara ènìyàn fi ń sinmi lọ́wọ́ ooru ọ̀sán. Bí òru kò bá tutù, àwọn ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀.

Ohun tó ń fà á

Búlọ́ọ̀kù, kọnkéré àti ọ̀dà títì máa ń fa ooru mu láàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọn a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóru. Ooru tó bá lu ògiri búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lè lò tó wákàtí márùn-ún sí méje kó tó yọ sínú yàrá. Ìdí nìyí tí yàrá fi ń gbóná nígbà tí oòrùn ti wọ̀. Ní abúlé, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀, ooru ilẹ̀ a sì tètè gòkè lọ. Ní àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ra, ooru tí ògiri kan bá tú sílẹ̀, ògiri ojúkojú rẹ̀ ni yóò gbà á.

Ti páánù yàtọ̀. Kì í tọ́jú ooru, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ooru yìí ló ń wọ inú ògiri, sílìn àti ibùsùn lọ. Ní nǹkan bí ọjọ́ 15 oṣù Igbe, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà ní ọ̀kánkán orí wa ní Minna. Lákòókò náà, òrùlé ló ń gba ooru ju ògiri lọ. Nítorí náà, òrùlé ló yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Àpẹẹrẹ yàrá kan

Ká mú yàrá tó fẹ̀ ní mítà mẹ́ta, tó gùn ní mítà mẹ́rin. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn tó ń dé orí ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára áyọ́ọ̀nù oníná kan tó jẹ́ 1,000 wáàtì. Òrùlé yàrá yìí ń gba ti áyọ́ọ̀nù méjìlá nìyẹn. Páánù tó ti dógùn-ún yóò fa bíi mẹ́sàn-án mu nínú wọn. Bí a bá kùn ún ní funfun, bíi mẹ́ta péré ni yóò fà mu, yóò sì dá ìyókù padà sí ojú ọ̀run. Kì í ṣe gbogbo ohun tí páánù fà mu ló ń wọ yàrá, atẹ́gùn ń gbé díẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ní ìlú Àmẹ́dábáàdì ní Íńdíà, níbi tí ooru ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ọdún 2010, ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kun òrùlé àwọn aláìní ní funfun ní ọdún 2017.

Bí a ṣe lè ṣe é

A óò kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha páánù, a óò fi ọ̀dà pupa tó ń dènà ìdógùn-ún kùn ún, kí a tó fi ọ̀dà funfun lé e lẹ́ẹ̀mejì. Ìparí oṣù Èrèlé ló dára jù, torí eruku ọyẹ́ yóò sọ ọ̀dà tí a bá kùn ṣáájú di pupa rúsúrúsú. Kí a máa fọ̀ ọ́ lọ́dọọdún lẹ́yìn ọyẹ́. Ẹni tó ń gbe omi òrùlé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ ṣàn dànù.

Lẹ́yìn òrùlé, ó kan ògiri ìwọ̀-oòrùn, èyí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń lù. Igi dóńgóyárò tàbí máńgòrò tí a gbìn ní bíi mítà márùn-ún sí i yóò ṣíji bò ó, ṣùgbọ́n ó ń gba ọdún mélòó kan. Kó tó dàgbà, ẹni (tí a fi koríko hun) tàbí àtíbàbà lè dúró fún un. Kí a má sì fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá.

Bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́

Kí a gbé òṣùwọ̀n ooru kan sí yàrá tí a kun òrùlé rẹ̀, kí a gbé òmíràn sí yàrá tó bá a dọ́gba tí a kò kùn. Kí a ka méjèèjì pọ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán àti aago mẹ́wàá alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí wọ́n má kan ògiri, kí oòrùn má sì lù wọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oòrùn ni a ó máa wọ̀n, kì í ṣe afẹ́fẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Òrùlé funfun kan á tu àwọn tó ń gbé abẹ́ rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n kò lè mú òru Minna tutù. Ó di ìgbà tí ọ̀pọ̀ òrùlé ní àdúgbò kan bá funfun, tí igi sì wà láàárín wọn, kí afẹ́fẹ́ àdúgbò náà tó yí padà. Nítorí náà, àdúgbò tí ilé ti há jù, irú Kpakungu, ló yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ ti kọ́kọ́ dán an wò.