Ìjáfara Láàárín Àmì àti Ìmúṣẹ Àṣẹ: Ìgbà Wo ni Ó Léwu?

Àwọn àgbà ní ìjáfara léwu. Nínú òwò ìpín ìdókòòwò tí a ń fi kọ̀mpútà ṣe, kì í ṣe gbogbo ìjáfara ni ó léwu. A níláti wọn ìjáfara náà kí a tó mọ èyí tí ó lè pani lára. Ohun tí mo pè ní àmì ni ìgbà tí ìlànà òwò wa sọ pé kí a rà tàbí kí a tà. Ìmúṣẹ ni ìgbà tí rírà tàbí títà náà wáyé ní ọjà gan-an. Àlàfo tí ó wà láàárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a fi oníṣòwò kan ní Èkó ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ń ra ìpín ní ọjà Niu Yọ́ọ̀kì, èyí tí àwọn kọ̀mpútà rẹ̀ wà ní ìlú Máwà, ní ìpínlẹ̀ Niu Jásì. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 8,400 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ inú okùn gíláàsì a máa rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, bí okùn náà tilẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, àlọ nìkan yóò gba mílísẹ́kọ́ndì 42, ìyẹn ni pé ìdá 42 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iye owó tí ó ń rí ní Èkó pàápàá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí oníṣòwò yìí kọ àkókò mẹ́ta sílẹ̀ fún àṣẹ kọ̀ọ̀kan: ìgbà tí àmì yọ, ìgbà tí àṣẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìgbà tí ìròyìn ìmúṣẹ padà dé. Aago kan náà ni kí ó fi wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ká ní àṣẹ kúrò ní mílísẹ́kọ́ndì 250 lẹ́yìn àmì, tí ìròyìn sì dé ní 400. A rí i pé ilé rẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìjáfara náà wà, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Bí ó bá fẹ́ lo àkókò tí ọjà fúnra rẹ̀ kọ, kí ó ṣọ́ra, nítorí aago méjì kì í sábà bá ara wọn mu. Bí ìwé bá fi hàn pé àṣẹ ṣẹ kí a tó fi í ránṣẹ́, aago ni ó ń purọ́.

Ẹyọ kan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Kí ó to igba àṣẹ láti orí èyí tí ó yá jù dé èyí tí ó pẹ́ jù, kí ó wo èyí tí ó bọ́ sí àárín, kí ó sì wo àwọn tí ó wà ní ìdí. Àwọn tí ó pẹ́ jù a sábà máa bọ́ sí ìgbà tí ọjà ń gbóná, ìgbà náà gan-an ni iye owó ń sáré.

Ǹjẹ́ ìjáfara yìí ṣe pàtàkì bí? Owó ni yóò dáhùn, kì í ṣe aago. Ká ní nígbà tí àmì yọ, olùrà ń fẹ́ san dọ́là 49.99, olùtà sì ń bèèrè 50.01. Àárín wọn jẹ́ 50.00. Bí oníṣòwò wa bá rà á ní 50.02, sẹ́ǹtì méjì ni ó fi kọjá àárín. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ owó tí olùtà ń bèèrè tẹ́lẹ̀, eré sísá kò lè mú un kúrò. Sẹ́ǹtì kejì nìkan ni ti ìjáfara. Ká gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí bí a bá pín ti igba àṣẹ náà dọ́gba.

Bí ìlànà rẹ̀ bá ń retí sẹ́ǹtì 40 láàárín ọjọ́ márùn-ún, sẹ́ǹtì kan kò tó nǹkan. Bí ó bá jẹ́ pé sẹ́ǹtì kan ààbọ̀ ni ó ń retí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ọ̀ràn ti yàtọ̀: ààbọ̀ sẹ́ǹtì ni ó kù lẹ́yìn owó olùtà, ìjáfara sì sọ ọ́ di àdánù ààbọ̀ sẹ́ǹtì. Kí ó tún fi àkọsílẹ̀ iye owó àtẹ̀yìnwá dán an wò: kí ó sún ìmúṣẹ síwájú ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, lẹ́yìn náà ní mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ní ọgọ́ta. Bí èrè bá dúró digbí, kí ó má náwó sórí eré. Bí ó bá wó lulẹ̀ ní ìdajì àkọ́kọ́, kí ó rántí pé àwọn kan ti gbé kọ̀mpútà wọn sí ẹ̀gbẹ́ ti ọjà náà. Kò sí bí ará Èkó ṣe lè bá wọn sáré yẹn. Ìlànà mìíràn ni kí ó wá.

Ìwọ̀n yìí ní ààlà. Àṣẹ tí a fi iye dè, tí ó ń dúró de olùtà, kò jáfara. Ìdúró ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ní láti wọn níbẹ̀ ni bí iye owó ṣe rí lẹ́yìn ìmúṣẹ, àti èrè inú àwọn àṣẹ tí kò ṣẹ rárá. Ẹni tí ó bá ka kìkì àwọn tí ó ṣẹ yóò rò pé òun yára, nígbà tí àwọn èyí tí ó dára jù ti fò ó kọjá.