Tíṣà Kan, Kíláàsì Méjì, Ìṣẹ́jú 40

Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1977 ti di Yunifásítì Bámidélé Olúmìlúà lónìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ibẹ̀ forí lé ọ̀nà Ìsẹ̀ àti Èmùré, tí a sì yà sí àwọn abúlé olóko, a lè bá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ inú rẹ̀ kò pọ̀ tó láti ní tíṣà kan fún kíláàsì kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ 11 wà ní Pírámárì 3, tí 9 wà ní Pírámárì 4, yàrá kan ni wọ́n jọ wà, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń kọ́ gbogbo wọn. Bí ẹni náà bá jẹ́ àgùnbánirọ̀ tí ó dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ló fẹ́ kọ sínú nóòtù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀?

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni kí a pín àkókò sí méjì: ìṣẹ́jú 20 fún àwọn àbúrò, 20 fún àwọn ẹ̀gbọ́n. Ó jọ ìdájọ́ òdodo, àmọ́ ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bí iṣẹ́ mẹ́fà bá wà lójúmọ́, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń káwọ́ lẹ́rán fún ìdajì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wákàtí méjì ti ṣòfò lójúmọ́, wákàtí 10 lọ́sẹ̀. Kò sì sí òbí tí yóò mọ̀, nítorí ọmọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń bọ̀.

Nítorí náà, ohun tí àwọn tí tíṣà kò sí lọ́dọ̀ wọn yóò máa ṣe ló yẹ kí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ohun tí tíṣà fúnra rẹ̀ yóò sọ lè tẹ̀lé e. Èyí nira lórí nóòtù tí a sábà máa ń lò, torí àyè kíláàsì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ nóòtù méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ti ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì, síbẹ̀ kò ì tíì mọ ibi tí òun yóò dúró sí nígbà tí aago bá lù. Èyí tó dára jù ni kí a fa òpó mẹ́ta sórí ojú ìwé kan: àkókò, Pírámárì 3, Pírámárì 4. Kí a wá fi àmì ìràwọ̀ sí ibi tí tíṣà yóò wà ní àkókò kọ̀ọ̀kan. Bí ìràwọ̀ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lórí ìlà kan, ètò náà kò ṣeé ṣe, àfi nígbà tí gbogbo wọn bá jọ ń ṣe ohun kan náà. Bí àyè kan bá ṣófo, ibẹ̀ ni ariwo yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ọjọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Pírámárì 3 ń kọ́ bí a ṣe ń dá 1/2 àti 1/4 mọ̀. Pírámárì 4 ń kọ́ ìdá tí ó dọ́gba, bíi 1/2 àti 2/4. Orí ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìjìnlẹ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Irú ìbátan báyìí ni tíṣà ń wá nínú ìlànà iṣẹ́ kíláàsì méjèèjì kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa sún ọ̀sẹ̀ síwá sẹ́yìn títí àwọn tó bára mu yóò fi bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó gé ọ̀já ìwé láti inú ìwé àtijọ́, gbogbo wọn gùn ní sẹ̀ǹtímítà 16, kí ó lè rọrùn láti ká wọn sí méjì, mẹ́rin àti mẹ́jọ. Ìṣẹ́jú mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ti gbogbo wọn: ó ká ọ̀já kan níwájú wọn, ó bi àwọn àbúrò pé ọgbọọgba mélòó ló wà níbẹ̀, ó sì bi àwọn ẹ̀gbọ́n pé kékeré mélòó ló wà nínú ńlá kan.

Láti ìṣẹ́jú kẹfà sí ìkejìdínlógún, ìràwọ̀ wà lọ́dọ̀ Pírámárì 3. Àwọn ẹ̀gbọ́n ni a kọ́kọ́ fi sílẹ̀, nítorí pé wọ́n lè ka ìtọ́ni. Ohun tí wọ́n bá lójú pátákó nìyí:

```
1/2 = ?/4 = ?/8
1/4 = ?/8
3/4 = ?/8
```

Wọ́n ń ká ọ̀já, wọ́n ń gbé ọ̀kan lé èkejì. Bí etí wọn kò bá pàdé, ìdáhùn náà kò tọ̀nà, ọmọ yóò sì rí i fúnra rẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ wà: iṣẹ́ tí kò lè fi àṣìṣe han ọmọ fúnra rẹ̀ yóò máa fa tíṣà padà sẹ́yìn.

Ó fi ìṣẹ́jú méjì rìn yíká wo ìwé wọn, lẹ́yìn náà ó lọ bá Pírámárì 4 fún ìṣẹ́jú 12. Kò tún sọ̀rọ̀ ọ̀já kíká mọ́. Ó bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí 1 àti 2 kí wọ́n tó di 2 àti 4, títí wọn yóò fi rí i pé a sọ òkè àti ìsàlẹ̀ di ìlọ́po iye kan náà. Ní ìhà kejì, àwọn àbúrò ń ká ọ̀já tiwọn, wọ́n ń kun 1/4. Ọ̀já kan wà láàárín ọmọ méjì méjì tí tíṣà mọ̀ọ́mọ̀ ká sí mẹ́rin láìdọ́gba. Kí wọ́n sọ fún ara wọn ìdí tí ẹyọ kan nínú rẹ̀ kì í fi í ṣe 1/4.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ìkẹyìn tún jẹ́ ti gbogbo wọn. Ìbéèrè kan péré: nínú 1/4 àti 1/8, èwo ló tóbi? Àwọn àbúrò á sábà pariwo pé 1/8, nítorí 8 ju 4 lọ. Ọmọ Pírámárì 4 kan ló yẹ kí ó fi ọ̀já hàn wọ́n.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ètò ti wọ́? Nígbà tí ọmọ mẹ́ta bá ti tò sídìí tíṣà tí wọ́n ń sọ pé, “Àǹtí, kò yé mi,” ìtọ́ni ni kò yé, kì í ṣe ìṣirò. Bí ó bá jẹ́ “Àǹtí, mo ti ṣe tán” ni wọ́n ń sọ ní ìṣẹ́jú karùn-ún, iṣẹ́ kò tó. Kí iṣẹ́ àfikún kan máa wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Èyí tó burú jù kì í pariwo rárá: kí gbogbo wọn máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ sínú ìwé. Yàrá pa rọ́rọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ dùn, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ nǹkan kan.

Ní orílẹ̀-èdè Kòlóḿbíà, ètò tí wọ́n ń pè ní Èskúẹ́là Nuẹ́fà, tó bẹ̀rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1970, gbé púpọ̀ nínú ẹrù yìí kúrò lórí tíṣà. Wọ́n tẹ ìwé atọ́nà tí ọmọ lè fúnra rẹ̀ kà tí yóò sì fi ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n agbára rẹ̀. Tíṣà abúlé tiwa ni ó ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, lálẹ́, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì àti páálí bisikíìtì. Ìdí nìyí tí n kò fi ní sọ pé kí ó ṣe é fún gbogbo iṣẹ́ mẹ́fà. Ìṣirò àti ìwé kíkà tó.

Pírámárì 1 àti 2 le jù lọ láti so pọ̀, torí ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà kò lè tẹ̀lé ìtọ́ni ojú pátákó. Àwòrán, òkúta kíkà àti ẹ̀gbọ́n kan tó jókòó tì í ni yóò ràn án lọ́wọ́. Ní ti ẹ̀kọ́ àwùjọ àti sáyẹ́ǹsì, tí orí ọ̀rọ̀ kan kò fi bẹ́ẹ̀ gun èkejì lẹ́yìn, ọ̀nà tó rọrùn jù wà: kí kíláàsì méjèèjì jọ kọ́ iṣẹ́ Pírámárì 3 ní ọdún kan, kí wọ́n jọ kọ́ ti Pírámárì 4 ní ọdún kejì. A kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣirò, nítorí ẹni tí kò tíì mọ 1/4 kò lè lóye 2/8.

Ìyípo ọdún méjì yìí ní ewu kan. Ọdún kan ni àgùnbánirọ̀ ń lò. Bí kò bá kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé orúkọ kíláàsì, kí ó tó di ẹrù rẹ̀, pé iṣẹ́ ọdún ti Pírámárì 3 ni òun kọ́ wọn, ẹni tó ń bọ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, àwọn ọmọ tó ti bọ́ sí Pírámárì 4 yóò tún un kọ́, wọn yóò sì wọ Pírámárì 5 láìrí iṣẹ́ Pírámárì 4 sójú.