Ẹ̀fọ́rí Méjì, Orí Kan

Bí èèyàn bá ní orí ń fọ́ òun, ibi tó ti ń dùn ún ni a máa ń kọ́kọ́ bi í. Ṣé iwájú orí ni àbí ìpàkọ́? Bó bá ní apá kan ṣoṣo ni, ẹni tó wà nítòsí á ní túúlu ni. Bó bá ní gbogbo orí ni, wọ́n á ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù, kó lọ sùn. Ìbéèrè yẹn dára, ó sì yẹ ká máa bi í. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀fọ́rí méjì tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, ibi tí ìrora ti mú ni ohun tó máa ń tètè ṣini lọ́nà jù lọ. Ohun tí ìrora náà kò jẹ́ kí èèyàn lè ṣe ló máa ń sọ òótọ́.

Èyí àkọ́kọ́ ni àwọn dókítà ń pè ní tẹ́ńṣọ̀n. Ó máa ń fún orí pọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹ̀fọ́rí ìfúnpọ̀. Èyí kejì ni máígírénì, tí àwa ń pè ní túúlu. Ẹnì kan náà lè ní méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó bá ti ní túúlu, gbogbo ẹ̀fọ́rí tó bá mú un títí ayé, túúlu ni.

Ká fi telọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ, obìnrin ẹni ọdún 34 tó ní ṣọ́ọ̀bù lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Iléyá ti ń sún mọ́lé, aṣọ àwọn oníbàárà ti pọ̀ nílẹ̀, ó sì ti tẹrí sórí máṣíìnì láti àárọ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, láti iwájú orí dé ẹ̀bátí méjèèjì, ó sì lọ pàdé lẹ́yìn ọrùn. Bíi gèlè tí ọlọ́wọ́ líle kan wé fún un tó sì di í jù ló rí. Kò lù, kò sì ta. Ó kàn wúwo, ó sì dì mọ́ ọn lórí. Bí ọmọṣẹ́ rẹ̀ bá fi ìka tẹ èjìká rẹ̀ àti ibi tí ọrùn ti pàdé ìpàkọ́, á rí ojúkò mélòó kan tó máa ń dùn ún gan-an.

Ẹ wá wo ohun tí obìnrin yìí ń ṣe lọ́wọ́. Ó ṣì ń ránṣọ. Òwú tán, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ ra òmíràn, ó tún gun àtẹ̀gùn padà, ẹ̀fọ́rí náà kò sì le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àmàlà wá, ó jẹ ẹ́. Inú kò dùn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da òun láàmú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ. Kó tó di alẹ́, ó ti lo parasitámọ́ọ̀lù, ó na ẹ̀yìn, orí sì fúyẹ́. Ẹ̀fọ́rí ìfúnpọ̀ nìyẹn. Ó lè má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ó sì lè wà lára èèyàn fún odidi ọjọ́ 7, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kì í yàtọ̀.

Lọ́sẹ̀ kan sí i, nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, òmíràn dé. Láti àná ni ó ti ń yán ṣáá, tí ọrùn ń gan án, tí ohun kékeré sì ń bí i nínú. Ní àárọ̀, ìrora bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ojú òsì, ó gba ẹ̀bátí, ó sì ń lù kì, kì, kì, bí ọkàn ṣe ń mí. Ó gbìyànjú láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ìṣísẹ̀ tó gbé lórí àtẹ̀gùn yẹn ló ń dún nínú orí rẹ̀. Síṣọ́ọ̀sì já bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ńṣe ló dà bí ẹni pé ojú fẹ́ yọ. Òórùn àkàrà tí wọ́n ń dín nísàlẹ̀, tó máa ń pa á lẹ́nu dà lójoojúmọ́, ló wá ń rìn ín lónìí. Ó bì. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń gún un lójú, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò ṣeé gbọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sílé, ó fa kọ́tìnì, ó da fóònù dojú bolẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ láìmira.

Túúlu nìyẹn. Bí kò bá lo oògùn kankan, ó lè mú un fún wákàtí 4, ó sì lè tó wákàtí 72, ìyẹn odidi ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá sì lọ tán, ara á ṣì máa rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn.

Ẹ ó rí i pé nínú àpẹẹrẹ yìí, ọ̀kan mú orí yípo, èkejì mú apá òsì. Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, ẹ̀fọ́rí ìfúnpọ̀ kì í sì sábà dúró sí apá kan. Ṣùgbọ́n túúlu kò bọ̀wọ̀ fún òfin yìí. Nínú èèyàn 10 tó ní in, bíi 4 ni orí máa ń fọ́ ní apá méjèèjì. Tàwọn ọmọdé tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, iwájú orí wọn lápá ọ̀tún àti òsì ló sábà máa ń mú. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ìpàkọ́ tàbí ọrùn, kí èèyàn sì máa bú ìrọ̀rí tó fi sùn. Ó lè mú ìdí imú àti òkè ojú, kí imú máa ṣomi, kí wọ́n sì fún un ní oògùn kàtá fún ọdún mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní túúlu ni wọn kò mọ̀ pé òun ni, torí pé kò dúró sí apá kan.

Bí ìrora ṣe rí ń ranni lọ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo túúlu ló ń lù. Èmi gba ti àtẹ̀gùn gbọ́ ju ti kì-kì-kì lọ. Ẹni tí ẹ̀fọ́rí ìfúnpọ̀ mú lè rìn jáde lọ gba afẹ́fẹ́, kí ara tilẹ̀ tù ú. Ẹni tí túúlu mú kò fẹ́ mira rárá, nítorí gbogbo ìmira ló ń bu epo sí i.

Ohun tó wá ń tẹ̀ lé ìrora ló máa ń yanjú ọ̀rọ̀. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀fọ́rí lágbàáyé gbé jáde lẹ́ẹ̀kẹta ní ọdún 2018 sọ ọ́ kedere. Nínú ẹ̀fọ́rí ìfúnpọ̀ tó ń wá tó ń lọ, èèyàn kì í bì, kì í sì ṣe é bíi kó bì. Ìmọ́lẹ̀ lè máa yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí ariwo, ṣùgbọ́n kì í ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú túúlu, ó kéré tán, ọ̀kan nínú nǹkan méjì gbọ́dọ̀ wà: kó máa ṣe èèyàn bíi kó bì, tàbí kí ìmọ́lẹ̀ àti ariwo jọ máa ni ín lára. Ìbéèrè mẹ́ta tí àwọn dókítà máa ń fi tètè yẹ̀ ẹ́ wò sì rọrùn. Ṣé ó máa ń ṣe ọ́ bíi kó o bì? Ṣé ìmọ́lẹ̀ máa ń yọ ọ́ lẹ́nu? Ṣé ẹ̀fọ́rí náà ti dí ọ lọ́wọ́ iṣẹ́ tàbí ìgbòkègbodò rẹ láàárín oṣù mẹ́ta? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí méjì nínú wọn, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ túúlu. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìbéèrè apá ibi tó ti ń dùn ún nínú wọn.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti túúlu nìkan, tí ẹ̀fọ́rí ìfúnpọ̀ kò ní rárá. Nínú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní túúlu, ojú á kọ́kọ́ máa rí ìlà wọ́gọwọ̀gọ tó ń dán, tó sì ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ibì kan nínú ohun tí wọ́n ń kà pòórá. Nígbà mìíràn ọwọ́ kan á máa kú tìpìrì, á sì gòkè dé ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Díẹ̀díẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì: ó máa ń gba ìṣẹ́jú 5 sí 60. Bí apá tàbí ẹnu bá kú lójijì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sì ń rí irú nǹkan yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ilé ìwòsàn ló yẹ kó gbà lọ, kó má jókòó sílé máa fi ìtumọ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀fọ́rí tó bá dé bí ààrá, tó le dé òpin láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tó bá ibà àti ọrùn gígan wá, èyí tó tẹ̀ lé orí tí èèyàn fi gbá nǹkan, èyí tó le gan-an lára aboyún, tàbí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, kò sí èyí tó yẹ ká fi oògùn kẹ́míìsì dá dúró nínú wọn.

Ká padà sọ́dọ̀ telọ̀ wa. Dókítà ní kó máa kọ ọ́ sínú ìwé fún oṣù kan: ọjọ́ tí orí fọ́, bó ṣe rí, ohun tí kò lè ṣe lọ́jọ́ náà, àti oògùn tó lò. Nígbà tó gbé ìwé náà dé, ẹ̀fọ́rí ìfúnpọ̀ gba ọjọ́ 9, túúlu sì dé ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọjọ́ 4 lápapọ̀. Ní ti ìfúnpọ̀, wọ́n sún àga rẹ̀ sókè kó má baà máa tẹ ọrùn ba jù, wọ́n sì ní kó máa dìde nídìí máṣíìnì kí èjìká tó gan. Ní ti túúlu, wọ́n ní ibuprófẹ́ẹ̀nì ni kó lò bí ó bá ti ń bẹ̀rẹ̀, kó má dúró dìgbà tí èébì bá dé, nítorí inú kì í tètè gba oògùn sára mọ́ nígbà yẹn. Bí ìyẹn kò bá ràn án, oògùn kan wà tó jẹ́ ti túúlu ní tirẹ̀, tírípítáànì, tí dókítà kì í kọ fún ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ìlà oògùn nínú ìwé yẹn ni dókítà pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Ọjọ́ 16 ni ó ti lo oògùn, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 13 ni orí fọ́ ọ. Ní ọjọ́ mẹ́ta tó kù, ẹ̀rù ló bà á pé ó fẹ́ dé, ló bá gbé e mì sílẹ̀. Ẹni tó bá ń lo parasitámọ́ọ̀lù tàbí ibuprófẹ́ẹ̀nì fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, fún ohun tó ju oṣù mẹ́ta lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè di ohun tó ń fọ́ ọ lórí. Ti tírípítáànì tilẹ̀ kéré sí i, ọjọ́ 10 péré ni. Ẹ̀fọ́rí kẹta nìyẹn, ó sì máa ń wọ aṣọ àwọn méjì àkọ́kọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ohun tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ bí kò ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀.