Ọ̀nà Tó Kúrú Jù àti Ẹrù Tó Pọ̀ Jù: Ọmọ Ìyá Kan Náà Ni Wọ́n

Ní 1955, Theodore Harris àti Frank Ross, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, kọ ìròyìn àṣírí kan fún àjọ RAND ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fẹ́ mọ iye ẹrù tí ojú irin Sófíẹ̀tì lè kó lọ sí Ìlà Oòrùn Yúróòpù, àti ibi tí èèyàn lè gé e kí ẹrù má lè kọjá mọ́. Lester Ford àti Delbert Fulkerson, tí àwọn náà wà ní RAND, gbé ìbéèrè yìí sórí ìwé ìṣirò. Wọ́n rí i pé ẹni tó fẹ́ kó ẹrù àti ẹni tó fẹ́ dínà, nọ́ńbà kan náà ni wọn yóò bá.

Ẹ jẹ́ ká mú oríta mẹ́rin: A, B, D àti E. Ẹrù ń gbéra ní A, E ló ń lọ. Ọ̀nà márùn-ún ló wà, àlọ nìkan ni wọ́n ń gbà, kò sí àbọ̀. Gígùn wọn ní kìlómítà nìyí: A sí B jẹ́ 2, A sí D jẹ́ 5, B sí D jẹ́ 1, B sí E jẹ́ 7, D sí E jẹ́ 3.

Láti wá ọ̀nà tó kúrú jù, ká gbà pé ọkọ̀ kan ṣoṣo la fẹ́ rán. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà kan: 1 bí ọkọ̀ bá gba ibẹ̀, 0 bí kò bá gba ibẹ̀. Ohun tó bá wọ oríta gbọ́dọ̀ jáde níbẹ̀.

```
min 2AB + 5AD + 1BD + 7BE + 3DE
AB + AD = 1
AB = BD + BE
AD + BD = DE
AB, AD, BD, BE, DE ≥ 0
```

Ìṣirò onílà ni èyí: a kàn ń fi nọ́ńbà tí a mọ̀ sọ èyí tí a kò mọ̀ di púpọ̀, a sì ń rò wọ́n pọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni A, B, D, E, kìlómítà 6.

Báwo la ṣe mọ̀ pé kò sí èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ? Gbogbo ìṣirò onílà ló ní ìbejì tirẹ̀. Níhìn-ín, ìbejì náà ní ká kọ nọ́ńbà sára oríta, kí ìyàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan dé òpin rẹ̀ má ju gígùn rẹ̀ lọ. Kọ 0 sí A, 2 sí B, 3 sí D, 6 sí E. Yẹ ọ̀nà márààrún wò: B sí E gùn tó 7, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju 4 lọ, àwọn yòókù náà pa òfin mọ́. Nítorí náà, ọ̀nà yòówù kí èèyàn gbà láti 0 dé 6, kò lè rìn dín ní kìlómítà 6.

Ó kan ẹrù. Ká fi ìwọ̀n tọ́ọ̀nù tí ọ̀nà lè gbà lójúmọ́ rọ́pò gígùn: A sí B 7, A sí D 5, B sí D 2, B sí E 3, D sí E 9. Òfin oríta kò yí padà. Ohun tó wọlé tuntun ni pé ọ̀nà kò gbọdọ̀ gbà ju agbára rẹ̀ lọ, àti pé ohun tó ń jáde ní A la fẹ́ kó pọ̀ jù. Fi 5 sí A–B, 5 sí A–D, 2 sí B–D, 3 sí B–E, 7 sí D–E: tọ́ọ̀nù 10 ló dé E.

Ìbejì tiẹ̀ ni pípín oríta sí apá méjì. Fi A àti B sí apá kan, D àti E sí apá kejì. Ọ̀nà mẹ́ta ló kọjá láàárín wọn, agbára wọn sì jẹ́ 5, 2 àti 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10, kò sì sí ẹrù tó lè dé E láì gba ọ̀kan nínú wọn. Ibí yìí ló wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó fi ibi tó yẹ ká náwó sí hàn wá. Ẹni tó bá fẹ A–B lójú sí i fi owó ṣòfò, àyè tọ́ọ̀nù 2 ṣì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí B–E bá kúrò ní 3 tó di 4, tọ́ọ̀nù 11 ni yóò dé E.

Kí ló dé tí a kò rí ìdajì ọkọ̀ nínú ìdáhùn, nígbà tí ìṣirò onílà kò kọ ìdá? Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń jáde ní oríta kan, ó sì ń wọ oríta kan. Nínú òfin oríta, +1 àti -1 nìkan ló ń bá a rìn, kò sí ibi tí a ti máa fi 2 tàbí 10 pín nǹkan. Bí agbára ọ̀nà bá jẹ́ odidi nọ́ńbà, ìdáhùn odidi yóò wà.

Fi òfin kan ṣoṣo kún un, àǹfààní yìí lè bọ́. Ká padà sí ọkọ̀ kan ṣoṣo àti ọ̀nà tó kúrú jù: ká ní B–D ń gba owó ibodè ₦1,000, A–D ń gba ₦200, owó tó sì wà lọ́wọ́ awakọ̀ jẹ́ ₦600. Ìṣirò onílà yóò rán ìdajì ọkọ̀ gba A, B, D, E, yóò rán ìdajì kejì gba A, D, E, yóò sì pe gígùn rẹ̀ ní kìlómítà 7. Kò sí awakọ̀ tó lè rin ìrìn yẹn. Bí ìdá bá jáde báyìí, ẹ mọ̀ pé òfin tí ẹ fi kún un ló fà á, kí ẹ sì wá ìdáhùn olódidi lọ́tọ̀. Fún awakọ̀ yìí, A, D, E ni, kìlómítà 8.